Bí Ẹ Ṣe Lè Pèsè Áàpù Yín Sílẹ̀ fún Àyẹ̀wò App Store àti Google Play Kí Wọ́n Má Baà Dá A Padà

Áàpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù yín, àwọn ọ̀rẹ́ yín ti lò ó, ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ilé ìtajà áàpù, wọ́n sì dá a padà. Ẹ tún un ṣe, ẹ tún fi ránṣẹ́, wọ́n tún rí nǹkan mìíràn sọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùṣe áàpù ti ń pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta nìyẹn, tí wọ́n á máa yẹ kóòdù wò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n yára kọ ọ̀rọ̀ sí.

Ẹni tó ń yẹ áàpù yín wò kò mọ̀ yín rí. Àlejò lójú, kò fi ríran: ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀ nípa áàpù náà. Ó máa ka àpèjúwe, ó máa wo àwòrán, ó máa ṣí áàpù, ó sì máa wò ó bóyá ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí ọ̀kan bá ta ko èkejì, tàbí bí kò bá tiẹ̀ rí ọ̀nà wọlé, ó máa dá a padà. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, áàpù kan ṣoṣo ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà fún: wọ́n á ya ojú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n á pín in fún ara wọn, àwọn mìíràn á sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti kóòdù tí a fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé.

## Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkáǹtì olùṣe áàpù ní App Store Connect, ní Play Console, tàbí ní méjèèjì.
- Ẹ̀dà áàpù tó parí, tí kò ní ojú ewé òfìfo tàbí bọ́tìnnì tí kò ṣe nǹkan kan.
- Sáfà tí yóò wà ní títàn ní gbogbo ìgbà tí àyẹ̀wò bá ń lọ lọ́wọ́.
- Líǹkì sí ìlànà ìpamọ́ àṣírí yín, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìwọlé.
- Fóònù kan tí áàpù náà kò sí lórí rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ń lọ sí App Store, ẹ wá iPad kan mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ra níbí: bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn 13 November 2023 ni ẹ ṣí àkáǹtì ara ẹni ní Google Play, ẹ kò tíì lè gbé áàpù jáde fún gbogbo èèyàn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún èèyàn 12, ó kéré tán, ní ẹ̀dà ìdánwò, kí wọ́n sì wà nínú ìdánwò náà fún ọjọ́ 14 léraléra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lónìí, kí ẹ sì máa ṣe àwọn ìgbésẹ̀ yòókù bí ọjọ́ ṣe ń kà.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣílẹ̀kùn fún olùyẹ̀wò

Èyí ni mo fi síwájú nítorí pé ó lè nílò iṣẹ́ lórí sáfà, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Apple fúnra wọn kọ ọ́ síta pé ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro tí a kò tíì yanjú tó jẹ́ ti Guideline 2.1, ìyẹn òfin tó ní kí áàpù pé pérépéré. Àkáǹtì ìdánwò tí kò ṣiṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Ẹ wo áàpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Olùyẹ̀wò ṣí i, áàpù ní kó kọ nọ́ńbà fóònù. Kò ní fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà tiyín, ọ̀dọ̀ yín ni kóòdù máa wá, bóyá nígbà tí ẹ ń sùn. Kóòdù yẹn á kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, olùyẹ̀wò á sì kọ̀wé pé òun kò lè wọlé.

Ohun tó yẹ ni pé kí nọ́ńbà kan wà tí kóòdù rẹ̀ kì í yí padà, tí a kì í sì í fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń lo Firebase, ó wà nílẹ̀: ẹ lọ sí Authentication, ẹ ṣí Sign-in method, ẹ yan Phone, kí ẹ sì wá `Phone numbers for testing`. Ẹ kọ nọ́ńbà kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bíi `+1 650-555-3434`, kí ẹ sì fún un ní kóòdù tí kò rọrùn láti mọ̀, bíi `482915`. Bí sáfà bá jẹ́ tiyín, ìlà kan báyìí tó:

```
if (phone == REVIEW_PHONE && code == REVIEW_CODE) signIn(reviewUser)
```

Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì yẹn jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ lásán, kó má ní àṣẹ alábòójútó rárá. Kí ẹ sì tó fi ránṣẹ́, ẹ kó nǹkan sínú rẹ̀: ojú ìwé mélòó kan tí wọ́n ti pín, èsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń tẹ̀ lé e. Bí olùyẹ̀wò bá wọlé tó bá ilé òfìfo, kò lè mọ̀ bóyá áàpù náà ń ṣiṣẹ́.

Ní App Store Connect, ibi tí wọ́n pè ní App Review Information lẹ ó ti rí àpótí Sign-in required. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sí àyè orúkọ, kí kóòdù sì wà ní àyè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní Play Console, abẹ́ App content ni App access wà. Ẹ wá lo àyè àlàyé dáadáa ní ibi méjèèjì, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni àyè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ. Kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kó sì tẹ̀ lé ara wọn bó ṣe máa tẹ nǹkan lójú fóònù: tẹ Bẹ̀rẹ̀, kọ nọ́ńbà yìí, má dúró de ìfìwéránṣẹ́ kankan, kọ kóòdù yìí, tẹ àwòrán kámẹ́rà nísàlẹ̀ láti ya ojú ìwé, tẹ àmì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì láti fẹjọ́ ẹni tó kọ ọ́ sùn. Gbólóhùn «má dúró de ìfìwéránṣẹ́» yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Láìsí i, olùyẹ̀wò lè jókòó ti fóònù, kó máa retí ohun tí kò ní wá.

Ibi tí wọ́n sábà ń ṣì í: sáfà tó ń dínà mọ́ àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ibi tí ẹ kò rò ni olùyẹ̀wò lè ti wọlé. Ẹ tú ìdènà yẹn, ó kéré tán fún àkáǹtì ìdánwò. Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n á pa àkáǹtì náà rẹ́ lẹ́yìn tí áàpù bá ti jáde, wọ́n á gbàgbé pé ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan ló máa ń gba àyẹ̀wò kọjá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún ẹnì kan tí kò lò ó rí ní fóònù tí áàpù náà kò tíì wà lórí rẹ̀, kó lo íńtánẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀ sí tiyín, kó sì tẹ̀ lé àlàyé tí ẹ kọ láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bó bá dé ojú ewé àkọ́kọ́, tó sì ya àwòrán kan, ìgbésẹ̀ yìí ti parí. Bó bá bi yín ní ìbéèrè kan péré, ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú àlàyé náà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Àpèjúwe

Orúkọ áàpù kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ ní ilé ìtajà méjèèjì. App Store tún fún yín ní àkọlé kékeré tó jẹ́ lẹ́tà 30. Google Play fún yín ní àpèjúwe kúkúrú tó jẹ́ lẹ́tà 80. Àpèjúwe gígùn jẹ́ 4000 níbi méjèèjì, ẹ kò sì ní láti lò ó tán.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni pé kí ẹ ṣí áàpù sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ kọ gbólóhùn kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè ṣe nínú rẹ̀ lónìí. Fún àpẹẹrẹ wa: ya ojú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, tò ó sábẹ́ ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́, pín in fún ẹgbẹ́ rẹ, kọ èsì sí ti ẹlòmíràn. Ẹ kà á padà, kí ẹ máa fi ìka tọ́ka sí bọ́tìnnì tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ. Èyí tí ẹ kò bá rí bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń fa ìjàngbọ̀n. «Ń bọ̀ láìpẹ́» àti «ẹ̀dà ìdánwò» ń sọ fún Apple pé áàpù kò tíì parí, wọn kò sì gba ẹ̀dà ìdánwò sínú ilé ìtajà wọn. Ní Google Play, ẹ má fi «ọ̀fẹ́», «tó dára jù lọ» tàbí «nọ́ńbà kìíní» sínú orúkọ áàpù tàbí àwòrán ìdámọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì kó ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn oníbàárà sínú àpèjúwe. Apple kò fẹ́ iye owó nínú orúkọ, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ dárúkọ ètò fóònù mìíràn. Ẹni tó da àpèjúwe Google Play kọ sí App Store láìyọ «ó wà lórí Android náà» kúrò ti fún wọn ní ìdí kan láti dá a padà nìyẹn.

Bí apá kan nínú áàpù bá ń gba owó, ẹ sọ ọ́ nínú àpèjúwe. Ẹ má jẹ́ kí olùyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ibi ìsanwó pàdé nínú áàpù nígbà tí ẹ ti kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún ẹlòmíràn ní àpèjúwe nìkan, kó sọ ohun tó rò pé òun máa rí. Lẹ́yìn náà kó ṣí áàpù. Bó bá ní «mo rò pé…», ẹ ti mọ gbólóhùn tí ẹ máa tún kọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn sìkírínṣọ́ọ̀tì

Inú àkáǹtì ìdánwò tí ẹ ti kó nǹkan sí ní ìgbésẹ̀ 1 ni kí ẹ ti yà wọ́n. Ohun tí ẹ fi hàn nínú àwòrán ni olùyẹ̀wò máa bá nígbà tó bá wọlé. Orúkọ àti ojú èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àtọwọ́dá, kì í ṣe ti oníbàárà gidi.

Guideline 2.3.3 ti Apple ní kí àwòrán fi áàpù hàn níbi tí èèyàn ti ń lò ó. Àmì ilé iṣẹ́ yín lórí àwọ̀ kan, ojú ewé ìwọlé, àti ojú ewé «ẹ káàbọ̀» kò tó. Ẹ lè kọ àkọlé sókè àwòrán, ẹ lè fi férémù fóònù yí i ká, ṣùgbọ́n kí ojú áàpù fúnra rẹ̀ gba ibi tó pọ̀ jù. Fún àpẹẹrẹ wa, màá to mẹ́rin báyìí: ojú ìwé tí wọ́n ń yà lọ́wọ́, àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n pín in fún, àti ojú ìwé kan pẹ̀lú èsì lábẹ́ rẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà ni pẹ̀lú gbólóhùn inú àpèjúwe.

Ní ti ìwọ̀n, App Store gba àwòrán 1 sí 10 fún ìwọ̀n ojú fóònù kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu géérégé. Fún iPhone ńlá, 1290 × 2796 wà lára èyí tí wọ́n gbà. Bí áàpù yín bá wà fún iPad náà, wọ́n máa béèrè ti iPad, 2064 × 2752. Ẹ má fa àwòrán iPhone gùn láti fi dí àyè iPad, ó máa ń hàn lójú ẹsẹ̀. Google Play fẹ́ ó kéré tán 2, kò sì ju 8 lọ fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ níbẹ̀ ni ìlànà tó ní kí ìhà gígùn má ju ìlọ́po méjì ìhà kúkúrú lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ń ya 1080 × 2400, ìyẹn sì ti kọjá ààlà. Ẹ ṣe é sí 1080 × 1920, kí ọkàn yín balẹ̀. Google Play tún máa béèrè àwòrán ìdámọ̀ 512 × 512 àti àwòrán ìpolówó 1024 × 500.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rò: bí áàpù yín tilẹ̀ jẹ́ ti iPhone nìkan, Apple lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí iPad. Ẹ ṣí i lórí iPad, kí ẹ wò ó bóyá bọ́tìnnì kankan ti wọ abẹ́ ojú ewé lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbé sìkírínṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tí ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè dé ojú ewé kan náà, pẹ̀lú àwọ̀ kan náà àti bọ́tìnnì kan náà. Bí ẹ bá ti yí àwọ̀ padà láti ìgbà tí ẹ ya àwòrán, ẹ tún un yà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìbéèrè ọjọ́ orí

Ẹ kò ní fúnra yín yan ọjọ́ orí tó wù yín. Ẹ máa dáhùn ìbéèrè, ilé ìtajà á sì fi ìdáhùn yín ṣírò rẹ̀. Ní App Store, ìpele tó lè jáde ni 4+, 9+, 13+, 16+ àti 18+. Google Play ń lo ìbéèrè IARC, ìdáhùn kan náà á sì fún yín ní òǹtẹ̀ onírúurú agbègbè lẹ́ẹ̀kan, bíi ESRB àti PEGI.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí èèyàn ronú pé «áàpù ẹ̀kọ́ ni tèmi, kò sí ìjà, kò sí ọtí», kó sì tẹ «rárá» láti òkè délẹ̀. Ẹ wo áàpù wa dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ èsì síra wọn, wọ́n sì ń gbé àwòrán tí ẹ kò tíì rí sókè. Nígbà tí ìbéèrè bá dé ibi bóyá àwọn oníbàárà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n ṣe síta, «bẹ́ẹ̀ ni» ni ìdáhùn. Ó lè gbé ọjọ́ orí sókè. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé Google lè yọ áàpù tó dáhùn lọ́nà tí kò tọ́ kúrò, olùyẹ̀wò Apple náà sì máa rí àpótí èsì yẹn láàárín ìṣẹ́jú kìíní.

«Bẹ́ẹ̀ ni» yẹn mú iṣẹ́ dání. Guideline 1.2 ti Apple ń béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ áàpù tí àwọn oníbàárà ti ń gbé nǹkan síta: ọ̀nà láti dá ohun tí kò bójú mu dúró kó má jáde, ọ̀nà láti fẹjọ́ sùn kí ẹ sì tètè dáhùn, ọ̀nà láti búlọ́ọ̀kì ẹni tó ń yọ èèyàn lẹ́nu, àti àdírẹ́sì tí èèyàn lè fi kàn sí yín. Google Play náà ń béèrè ìfẹjọ́sùn àti búlọ́ọ̀kì, wọ́n sì fẹ́ kí oníbàárà gba òfin lílò yín kó tó gbé nǹkan síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ìfẹjọ́sùn, wọ́n ń gbàgbé búlọ́ọ̀kì. Ẹ fi méjèèjì sábẹ́ àmì mẹ́ta kan náà, kí ẹ sì dárúkọ wọn nínú àlàyé ìgbésẹ̀ 1.

Google Play tún ní ìbéèrè kejì tó yàtọ̀, Target audience and content, níbi tí ẹ ó ti sọ ọjọ́ orí àwọn tí ẹ ṣe áàpù náà fún. Tí ẹ bá fi àmì sí ìpele kankan tí kò tó ọdún 13, òfin àwọn áàpù ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín, títí kan irú ìpolówó tí ẹ lè gbé. Ẹ má fi àmì síbẹ̀ kí èèyàn lè pọ̀. Ṣùgbọ́n tí sìkírínṣọ́ọ̀tì yín bá kún fún àwòrán ẹranko aláwọ̀ mèremère, Google lè sọ pé áàpù náà ń fa ọmọdé mọ́ra, ohunkóhun tí ẹ ìbáà kọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wọlé pẹ̀lú àkáǹtì méjì lórí fóònù méjì. Fi ọ̀kan fẹjọ́ èsì èkejì sùn, kí ẹ sì rí ẹjọ́ náà ní ọ̀dọ̀ yín. Búlọ́ọ̀kì rẹ̀, kí èsì rẹ̀ sì pòórá lójú ẹni tó búlọ́ọ̀kì.

## Ìgbésẹ̀ 5: Dátà, kámẹ́rà àti píparẹ́ àkáǹtì

Fọ́ọ̀mù App Privacy ti Apple àti Data safety ti Google ń béèrè ohun tí áàpù ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ohun tí àkójọ kóòdù àwọn ẹlòmíràn tó wà nínú áàpù yín ń gbà wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi kóòdù ìpolówó sí i, ẹ ṣí ojú ewé àwọn tó ṣe é, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ní àwọn ń gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní ti kámẹ́rà lórí iPhone, gbólóhùn tó ń jáde nígbà tí áàpù bá béèrè àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí. «A nílò kámẹ́rà» kò tó. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe gan-an:

```
<key>NSCameraUsageDescription</key>
<string>A ń lo kámẹ́rà kí ẹ lè ya ojú ìwé tí ẹ fẹ́ pín.</string>
```

Bí gbólóhùn yìí kò bá sí rárá, áàpù á pa dé lójijì nígbà tí olùyẹ̀wò bá tẹ kámẹ́rà.

Láti 30 June 2022 ni Apple ti sọ ọ́ di dandan pé áàpù tó bá jẹ́ kí èèyàn ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè pa á rẹ́ nínú áàpù náà. «Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa» kò kúnjú òṣùwọ̀n fún áàpù bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ni kíkàn dá àkáǹtì dúró. Google Play ń béèrè bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n sì tún fẹ́ líǹkì kan tí èèyàn lè lò láìní áàpù lórí fóònù mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣí àkáǹtì tuntun, pa á rẹ́, kí ẹ sì gbìyànjú láti wọlé padà. Kò gbọdọ̀ bá àwòrán àtijọ́ kankan. Ẹ má fi àkáǹtì olùyẹ̀wò dán èyí wò.

## Ìgbésẹ̀ 6: Bí wọ́n bá ṣì dá a padà

Ẹ ka lẹ́tà wọn dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Apple máa ń kọ nọ́ńbà òfin, wọ́n sì sábà máa ń fi sìkírínṣọ́ọ̀tì àti orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n lò sí i. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 2.3, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tàbí àwòrán ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè tún un ṣe láìkọ́ ẹ̀dà tuntun. 2.1 lè jẹ́ àkáǹtì ìdánwò tàbí áàpù tó pa dé, ẹ dán an wò lórí irú ẹ̀rọ tí wọ́n dárúkọ. 4.2 ń sọ pé áàpù náà kò ju ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, ìyẹn kò sì ṣeé fi ọ̀rọ̀ wò sàn: ohun tí áàpù ń ṣe ló gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Bí ohun tí wọ́n ní àwọn kò rí bá wà níbẹ̀, ẹ dáhùn lẹ́tà náà ní App Store Connect, kí ẹ ṣàlàyé ibi tó wà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì so fídíò kúkúrú mọ́ ọn tí ẹ gbà láti orí fóònù gidi. Ní Play Console, ẹ lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ òótọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ má kàn fi ẹ̀dà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní ìrètí pé olùyẹ̀wò mìíràn ló máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ẹ da ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ti yí padà sábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àkọsílẹ̀ yẹn sínú àlàyé fún olùyẹ̀wò, lókè nọ́ńbà àti kóòdù ìwọlé.